Ìkìlọ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́: kí la ó pè wọ́n?

Olùbéèrè: Mo ń túmọ̀ ìwé òfin ilé iṣẹ́ kan. Ìkìlọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: èyí tí wọ́n fẹnu ṣe, èyí tí wọ́n kọ, àti èyí tó kẹ́yìn. Kí ni kí n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, báwo sì ni lẹ́tà wọn ṣe yẹ kó dún?

Olùkọ́ èdè: Ìkìlọ̀ ẹnu, ìkìlọ̀ alákọsílẹ̀, ìkìlọ̀ àṣekágbá. Ti àkọ́kọ́ kò nílò ìwé kankan, ẹnu ṣá ni.

Alábòójútó òṣìṣẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó nílò ìwé. Ẹnu la fi ń kìlọ̀, àmọ́ a máa ń kọ ọjọ́ tí a sọ ọ́ àti ohun tí a sọ sínú fáìlì, kí ẹnikẹ́ni má baà sẹ́ ẹ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí «alákọsílẹ̀» kò fi ya ìkejì sọ́tọ̀. «Ìwé ìkìlọ̀» ni mo fara mọ́.

Ẹ wo ẹni tó ń pẹ́ dé. Àkọsílẹ̀ ti àkọ́kọ́ kò ju báyìí lọ: «Lónìí, a bá yín sọ̀rọ̀ lórí pípẹ́ tí ẹ pẹ́ dé ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 11. Ẹ ṣàlàyé pé ọkọ̀ ló fà á. A fẹ́ kí ẹ máa dé ní aago 8.» Ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ìjíròrò yẹn, kó sọ ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àtúnṣe tí a ń retí, iye oṣù tí ìkìlọ̀ náà yóò fi wà lójú iṣẹ́, àti ẹni tí òṣìṣẹ́ lè pẹ̀jọ́ sí. Oṣù 6 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò fún un, oṣù 12 fún ti ìkẹyìn.

Akọ̀wé kan: Èmi gba irú ẹ̀ rí! Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ara mi láàárín wákàtí 24.

Alábòójútó òṣìṣẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kúérì nìyẹn, ìbéèrè ni, kì í ṣe ìkìlọ̀. Èsì yín ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ìkìlọ̀ tọ́ sí yín.

Ògbufọ̀: Ìwé ìkẹyìn ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ pé «a ó dá yín dúró». Òṣìṣẹ́ náà rò pé ọ̀sẹ̀ méjì láìgbowó ni, wọ́n sì ní lọ́kàn pé iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. «Dá dúró» ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ gbangba: «Bí ẹ bá tún pẹ́ dé láàárín oṣù 12 yìí, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ yín.» Kó jẹ́ «lè», kì í ṣe «yóò», torí a ṣì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí a tó pinnu. Ẹ fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú, nítorí «le» lásán ń ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Olùkọ́ èdè: Mo gba «ìwé ìkìlọ̀». Àmọ́ mi ò tíì fi «àṣekágbá» sílẹ̀: «ìkẹyìn» lè jẹ́ èyí tí wọ́n fún un kẹ́yìn, bí òmíràn tilẹ̀ ń bọ̀.

Alábòójútó òṣìṣẹ́: Àṣekágbá, ti ìdíje ni etí mi ń gbọ́ sà. Kò sẹ́ni tó ń gba ife ẹ̀yẹ níbí.