Káàdì kámẹ́rà kọ̀ lẹ́yìn tí mo ti ya fọ́tò tán: ẹ wá sọ bí tiyín ṣe rí

Oníkámẹ́rà Ìbàdàn
Ìsọmọlórúkọ ni mo lọ yà lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá àgbà gbé ọmọ tuntun lé itan, mo yà á, mo tẹ bọ́tìnnì kí n wò ó, ni kámẹ́rà bá kọ ọ́ síta pé `Card cannot be accessed`. Àyà mi já. Mo pa á, mo yọ káàdì, mo fi òmíràn sí i, mo bá iṣẹ́ lọ. Mo délé, mo fi káàdì sínú kọ̀ǹpútà, òun náà ní `You need to format the disk in drive E: before you can use it`. Mo tẹ Cancel. Fọ́tò 412 ló wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí 387 gbà padà. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìsọmọlórúkọ kì í ṣe ohun tá a lè ní kí wọ́n tún ṣe.

Ayàwòrán Ọ̀ṣun
Kò yẹ kó gbà yín ní ọjọ́ mẹ́ta. Èyí lẹ máa tẹ̀:
```
chkdsk E: /f
```
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́.

Àgbà Rídà
Àbúrò, ó ṣiṣẹ́ fún ẹ torí pé àìsàn káàdì tìẹ kéré ni. Orí káàdì gan-an ni chkdsk ti ń ṣàtúnṣe. Tí àkọsílẹ̀ tó sọ ibi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà bá ti bàjẹ́ púpọ̀, ńṣe ló máa gé wọn sí wẹ́wẹ́, tó máa sọ wọ́n ní `FILE0000.CHK`. Ohun tó bá ti kọ lé káàdì, o ò lè pa dà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Èmi kì í fọwọ́ kan ojúlówó. Màá ti pín kékeré ẹ̀gbẹ́ káàdì sí `LOCK`, màá fi sínú rídà, màá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Lórí Linux, `lsblk` ló máa jẹ́ kí n mọ orúkọ káàdì, mo máa ń fi bó ṣe tóbi dá a mọ̀. Tó bá jẹ́ `sdb`, ddrescue ló máa ṣe ẹ̀dà, photorec á wá yọ fọ́tò jáde látinú ẹ̀dà yẹn:
```
sudo ddrescue -d /dev/sdb kaadi.img kaadi.map
photorec kaadi.img
```
Tí ibì kan lórí káàdì bá ṣòro kà, ddrescue máa fò ó, á kó èyí tó rọrùn ná, á wá pa dà síbẹ̀. Kódà bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tẹ àṣẹ kan náà, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Oníkámẹ́rà Ìbàdàn
Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ló ní Linux, òun ni mo dúró dè. Inú `recup_dir.1` la ti bá fọ́tò, gbogbo wọn ti pàdánù orúkọ. Àmọ́ 25 ò bọ̀ sípò. Òmíràn, ẹ máa rí gèlè àti ojú ìyá ọmọ kedere, láti àyà lọ sísàlẹ̀ á wá di eérú.

Àǹtí Peckham
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè bá mi gba fọ́tò tí mo pa rẹ́ lórí WhatsApp?

Ìyá Ìbejì
Àǹtí, káàdì kámẹ́rà là ń sọ. Ẹ ṣí i lọ́tọ̀, a máa dá yín lóhùn.

Àgbà Rídà
Àbúrò Ìbàdàn, ṣé o máa ń pa fọ́tò rẹ́ lójú kámẹ́rà bó o ṣe ń yà?

Oníkámẹ́rà Ìbàdàn
Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èyí tí ojú wọn bá dì.

Àgbà Rídà
Ibẹ̀ ló ti wá. Àlàfo tó o dá sílẹ̀ ni kámẹ́rà lè fi apá kan fọ́tò tuntun sí, kó gbé ìyókù síbòmíràn. PhotoRec ò rí àkọsílẹ̀ tó sọ ibi tí fọ́tò wà kà, ó kàn gbà pé fọ́tò kan tò tẹ̀ léra ni. Má pa nǹkan kan rẹ́ títí wàá fi délé.

Ayàwòrán Ọ̀ṣun
Mi ò gbà. Mo máa ń pa rẹ́ dáadáa, tèmi ò di eérú rí. Ó lè jẹ́ káàdì ló ń kú lọ.

Àgbà Rídà
Ó ṣeé ṣe. Wo `kaadi.map`: ibi tí ddrescue ò rí kà rárá, àmì `-` ló máa ń fi síbẹ̀. Tí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, kì í ṣe pé káàdì ò ṣeé kà.

Oníṣòwò Ìkẹjà
Tèmi burú ju tiyín lọ. Mo ra 128GB lẹ́bàá ọ̀nà, 8GB ló wà nínú ẹ̀. Orúkọ fọ́tò pé, ọ̀pọ̀ ò ṣí. PhotoRec ò rí nǹkan kan, torí wọn ò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Háà! Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ kó tó lò ó?

Oníṣòwò Ìkẹjà
H2testw lórí Windows. Á kọ nǹkan kún káàdì, á tún kà á pa dà. Nígbà tí káàdì ṣì ṣófo ni kẹ́ ẹ ṣe é o, mà.

Ayàwòrán Ọ̀ṣun
Tí kọ̀ǹpútà ò bá rí káàdì rárá ńkọ́? Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá.

Àgbà Rídà
Fi aṣọ gbígbẹ nu irin ẹ̀yìn ẹ̀, kó o dán an wò nínú rídà mìíràn. Tí `lsblk` bá ṣì ní 0B, sọ́fítíwià kankan ò lè ṣe é. Àwọn tó ń jó wáyà mọ́ ọn láti kà á tààrà nìkan ló kù, owó wọn sì ga.

Oníkámẹ́rà Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí `kaadi.map`. Kò sí `-` kankan níbẹ̀.