Ṣé « je vais se lever » ni àbí « je vais me lever »?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Faransé. Láti Ìbàdàn ni mo ti wá tajà ní Kútọnu, mo sì ń lọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe bíi se lever, dídìde, àti s'habiller, wíwọṣọ, ló fẹ́ dá mi lágara.

Àwa kì í fi nǹkan kan kún "mo dìde". Ní tiwọn, ẹni tó ń dìde gbọ́dọ̀ tún yọjú lẹ́ẹ̀kejì: je me lève, tu te lèves, il se lève, nous nous levons, vous vous levez, ils se lèvent. Mo kọ́kọ́ rò pé olùkọ́ ṣèèṣì kọ nous lẹ́ẹ̀mejì ni! Ó ti yé mi báyìí pé j'habille l'enfant ni kí n wọṣọ fún ọmọ, je m'habille sì ni kí èmi fúnra mi wọṣọ.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Mo kọ je vais se lever, torí se lever ló wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Olùkọ́ fi bíírò pupa fà á, ó ní me lever ni, nítorí èmi ni mo fẹ́ dìde. Síbẹ̀, tí mo bá ń yára sọ̀rọ̀, se náà ló ń jáde lẹ́nu mi. Àwọn oníbàárà mi sì máa ń ní on se lève, nígbà tó jẹ́ "a dìde" ni wọ́n ní lọ́kàn. Kí ló dé tí kì í ṣe nous níbẹ̀? Báwo lẹ̀yin ṣe kọ́ ahọ́n yín, ẹ jọ̀ọ́?