Epo lókè, omi nísàlẹ̀, ọbẹ̀ sì tún kan: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Ìkókó, Mọ̀pà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní Sátidé tó kọjá la kó ọmọ àbúrò ọkọ mi jáde, èmi ni wọ́n sì ní kí n se ọbẹ̀ ata elépo pupa tí wọ́n máa fi jẹ iyán. Tàtàṣé wọ́n lọ́jà lọ́jọ́ náà, tòmátò ló pọ̀, mo bá ra tòmátò rẹpẹtẹ. Ẹlẹ́rọ bu omi sí i kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè lọ̀ ọ́ dáadáa. Mo gbé epo kaná, mo da ata náà sí i bó ṣe wà, mo din ín fún bí ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí mo rí i pé epo ti yọ sókè, mo ní ó ti jinná nìyẹn. Mo da omi ẹran lé e, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò pẹ́ tí epo fi lọ dá dúró lókè, omi pupa wà nísàlẹ̀, ata ń rì bí iyanrìn. Mo tọ́ ọ wò, kíkan rẹ̀ mú mi léyín. Ìyá ọkọ mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kúrò lára ata, wọ́n ń wò ó. Ojú tì mí gan-an. Níbo ni mo ti ṣì í? Ìṣẹ́jú mélòó lẹ̀yin fi ń din tiyín?

Bàbá Elépo, Ìyàrà

Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Tèmi náà yà bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́. Epo tí mo rọ sínú kéégì, apá kan dì bí òrí sísàlẹ̀, apá kan ṣàn lókè. Kò bàjẹ́. Gbé kéégì náà sínú oòrùn, á yọ́ padà.

Ọmọ Ìsánlú

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe epo inú kéégì.

Ìyá Ìkókó, ọ̀rọ̀ ò le. Káún ni. Ẹ fi èyí tó kéré bí èékánná sí ata nígbà tó bá ń hó, kíkan náà á lọ lójú ẹsẹ̀, epo ò sì ní lé sókè mọ́. Ìyá àgbà wa ló kọ́ mi.

Ìyá Olóúnjẹ, Kàbà

Ọmọ Ìsánlú, òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ, káún ń pa kíkan. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè ìdí tí epo ò fi ní lé sókè mọ́. Omi eérú àti epo ni wọ́n ń sè di ọṣẹ, káún náà sì bá omi eérú tan. Èmi náà ti ṣe é rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oúnjẹ àpèjẹ. Ọbẹ̀ pupa mi di ràkọ̀ràkọ̀, ó ki, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu bí ọṣẹ. Odidi ìkòkò ni mo dà nù, mo sì fi owó ara mi ra ata mìíràn.

Ìyá Ìkókó, epo tó yọ sókè ní ìṣẹ́jú 15 yẹn ló tàn ọ́ jẹ. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà nínú ata olómi, òkè ló máa wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ì báà jinná, ì báà má jinná. Bí o bá rò ó, á wọlé, á tún jáde, ata á sì máa ta sí ọ lápá. Omi ló ń ta bẹ́ẹ̀. Èyí tó jinná lóòótọ́ yàtọ̀: ata á ti dì mọ́ra, epo tó mọ́ á máa sun jáde létí ìkòkò, ata ò ní ta mọ́, ariwo rẹ̀ á sì rọlẹ̀ di ti nǹkan tó ń dín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Fi ṣíbí onígi fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò. Bí ìlà náà bá dúró díẹ̀ kí ata tó padà bò ó, omi ti tán.

Ara ata tí a lọ̀ ló ń gbé epo dúró nínú ọbẹ̀. Ata tìrẹ kéré, omi ẹ̀rọ pọ̀, o tún da omi ẹran lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tí epo máa dì mú. Kọ́kọ́ bọ ata náà lásán, láìsí epo, títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kí o tó dà á sínú epo gbígbóná. Tí o bá din ín tán, bu epo tó pọ̀ jù kúrò, kí o wá máa bu omi ẹran gbígbóná sí i ní ṣíbí ìbùbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o máa rò ó.

Ní ti kíkan, tòmátò ló ni ín, kíkan tòmátò kì í bá oru omi lọ. Ohun tí dídín ń ṣe ni pé ó ń mú òórùn tútù kúrò, ó sì ń jẹ́ kí adùn àlùbọ́sà àti tàtàṣé jáde láti bò ó mọ́lẹ̀. Bí tòmátò bá pọ̀ ju tàtàṣé lọ, o lè din ín fún wákàtí kan kó ṣì kan, kó tún korò lé e nítorí ìdí rẹ̀ ti jó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, tèmi ò ní tòmátò púpọ̀ rárá, ó sì kan. Alẹ́ ni mo lọ ata, iná ò sí, ó sùn síta. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, ó ń hó kúṣúkúṣú. Mo din ín fún ìṣẹ́jú 50. Kò gbọ́.

Ìyá Olóúnjẹ, Kàbà

Ìyẹn ti wú, ọmọ mi. Má ṣe fi epo ṣòfò lé e lórí mọ́. Dà á nù. Bí iná ò bá sí, bọ ata náà lálẹ́ ọjọ́ tí o lọ̀ ọ́, ká tó sùn.

Bàbá Elépo, Ìyàrà

Ó ti yé mi báyìí. Ẹ tún wo epo tí ẹ rà pẹ̀lú. Epo tuntun tí wọn ò sè dáadáa ń ní omi nínú. Bí ẹ bá gbé díẹ̀ kaná tó sì ń ta pàràpàrà kí ata tó kàn án, omi ni. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ kí ẹ tó da ata sí i.

Ìyá Ìkókó, Mọ̀pà

Mo ti tún un sè lánàá, ìkòkò kékeré ni mo fi dán an wò. Tàtàṣé 8, tòmátò 4, rodo 4, àlùbọ́sà ńlá 2. Mo ní kí ẹlẹ́rọ má fi omi sí i, ó kùn, ṣùgbọ́n ó gbà. Ìṣẹ́jú 25 ló fi gbẹ nígbà tí mo bọ̀ ọ́. Mo wá din ín nínú epo agolo mílíkì kan àti ààbọ̀, iná kò pọ̀ jù, mo ń rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìṣẹ́jú 15 ó ṣì ń ta. Ní ìṣẹ́jú 22 ariwo yẹn rọlẹ̀, mo fa ìlà, ìlà dúró. Mo bu omi ẹran díẹ̀díẹ̀, mo dé e fún ìṣẹ́jú 10.

Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán, omi ò ṣàn jáde. Epo tẹ́ yí i ká díẹ̀, ata dúró síbi tí mo fi í sí. Kíkan ṣì kù díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Mo máa dín tòmátò kù sí 2.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wa fi káún sí i ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ọbẹ̀ wọn ò sì yọ̀ bí ọṣẹ rí. Bóyá ìwọ̀n tí wọ́n ń fi sí i ni mi ò mọ̀. Màá bi màmá mi léèrè tí mo bá délé.

Ìyá Olóúnjẹ, Kàbà

Béèrè, kí o padà wá sọ fún wa. Ìyá Ìkókó, ìṣẹ́jú 22 yẹn, ìkòkò kékeré ló ni ín. Ti àpèjẹ tí mo sè kẹ́yìn, bíbọ̀ nìkan gba wákàtí kan ó lé díẹ̀. Etí ni kí o fi gbọ́ ọ, má wo aago.