Lórí "àjọrìn" àti iye tó lè wọ òdì

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀yin àgbà, ìwé kékeré ni mò ń kọ fún àwọn tó ń fowó dókòwò. Ṣíà ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan: èrè tí à ń retí 26% lọ́dún, ìyapa, ìyẹn bí èrè ṣe sábà máa ń jìnnà sí ìrètí yẹn, 30%. Bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀: èrè 14%, ìyapa 10%. 40% owó wà nínú ṣíà, 60% nínú bọ́ǹdì. Iye kan wà tó ń sọ bí èrè àwọn méjèèjì ṣe ń yí padà pọ̀: ó lè tó 1, ó sì lè wọ òdì títí dé -1. Tiwọn jẹ́ 0.2, mo sì pè é ní "àjọrìn". Ṣé ó tọ́? Báwo ni ìṣirò àpò tó kó méjèèjì pọ̀ ṣe ń lọ?

Ará Yábàá: Kò le rárá. 0.4 × 26 jẹ́ 10.4, 0.6 × 14 jẹ́ 8.4, èrè àpò di 18.8%. Ọ̀nà kan náà ni kí o gbà fún ìyapa: 12 àti 6, ó di 18%. Àjọrìn dáa. Àjọṣe àti àjọjẹ ti wà lédè wa tipẹ́.

Àgbà Ẹ̀bùtè Mẹ́ta: Kò dáa o! "Jọ" tó wà nínú rẹ̀ ti parí ẹjọ́: àwọn tó bá jọ rìn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ní iye yìí lè wọ òdì títí dé -1. Bí ọ̀kan bá kọrí sí Àpápá, tí èkejì kọrí sí Ìkòròdú, àwọn wo ló jọ rìn? "Àjọrìn òdì"! Àwọn tó kọ́ wa ní Yorùbá kò ní gbà á kó wọ kíláàsì. Ẹ lo "ìbátan".

Alágbàtà Marínà: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ lórí "jọ", àmọ́ ìbátan ti di ti ẹbí jù. "Ìsokọ́ra" ni èmi ń lò. Ohun méjì tó so kọ́ra lè fa ara wọn síwájú, ọ̀kan sì lè máa lọ sókè kí èkejì máa wálẹ̀.

Ará Yábàá, èrè rẹ pé, ìyapa rẹ kò pé. 18% tọ̀nà kìkì nígbà tí ìsokọ́ra bá jẹ́ 1 gééré. Fún 0.2, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

```
(0.4×30)² + (0.6×10)² + 2×0.2×12×6
= 144 + 36 + 28.8 = 208.8
√208.8 = 14.45
```

Ìyapa àpò jẹ́ 14.45%. Ẹ wò ó pé 0.2 kò yọjú níbi ìṣirò èrè rárá. Bí mo bá fi -0.3 rọ́pò rẹ̀, a ó yọ 43.2 kúrò nínú 180, yóò ku 136.8, ìyapa á sì wálẹ̀ sí 11.70%. Èrè ṣì jẹ́ 18.8%. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn fi gbọ́dọ̀ lè gba àmì òdì.

Àwọn tó ń ṣe é máa ń gbàgbé 2 yẹn, tàbí kí wọ́n dúró sórí 208.8 láìwá gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀nà láti mọ̀: ìdáhùn kò lè kéré ju 12 yọ 6, kò sì lè ju 12 pẹ̀lú 6 lọ. Bó bá bọ́ síta 6 sí 18, ẹ padà sẹ́yìn.

Ìyá Súrùlérè: Ẹ jọ̀ọ́, owó ilé-ìwé ọmọ mi fún oṣù kẹsàn-án ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fi 40% ra sìmẹ́ǹtì náà?

Alágbàtà Marínà: Rárá, Mà. Àpẹẹrẹ ni 40% yẹn. Bí èrè bá tàn ká bó ṣe sábà máa ń rí nínú ìwé, nǹkan bí ọdún méjì nínú mẹ́ta ni yóò bọ́ sáàárín 4.35% àti 33.25%. Ọdún tó ṣẹ́kù lè gbé àdánù wá, owó ilé-ìwé kò sì lè dúró de ọdún mìíràn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ ṣé, Sà. Iye owó tí wọ́n ń tà wọ́n lóṣooṣù ni mo fi wá 0.2 mi.

Alágbàtà Marínà: Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìyípadà oṣù sí oṣù ni kí o lò, kì í ṣe iye títà. Ohun méjì tí owó wọn ń gòkè lọ́dọọdún yóò dà bí ẹni pé wọ́n so kọ́ra pẹ́kípẹ́kí, bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyípadà 60 oṣù ti ṣíà bá wà nínú òpó B, tí ti bọ́ǹdì sì wà nínú òpó C:

```
=CORREL(B2:B61,C2:C61)
```

Kí o sì wo bọ́ǹdì yẹn dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rà á tàbí tà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iye àtijọ́ ni yóò máa jókòó sínú ìwé. Ìsokọ́ra á sún mọ́ òdo, ìyapa bọ́ǹdì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí o bá rí òdo léraléra nínú òpó C, o ti rí i nìyẹn.

Ará Yábàá: Mo ti gbà lórí 18%. Ṣùgbọ́n "ìyapa" gan-an ń dà mí láàmú. Lẹ́nu oníwàásù, ẹni tó yapa ti ṣìnà. Èrè tó ju ìrètí lọ náà wà nínú 14.45 yìí, ta ló ṣìnà níbẹ̀? "Ìtànká" ló yẹ.

Àgbà Ẹ̀bùtè Mẹ́ta: Ìtànká ti àrùn? Kí ìwàásù tó dé ni "yà" ti wà. Odò ń yà, ọ̀nà ń yà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mi ò sì tíì gba ìsokọ́ra náà. Ẹ sọ fún mi, ta ló so wọ́n?