Ṣíìpù àwòrán méjì, géèmù kan: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Ọ̀yọ́
Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo rà ní àlòkù ní ṣíìpù àwòrán méjì, kékeré ti Intel àti GTX 1650 tó dá dúró, síbẹ̀ Minecraft tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbá ń wọ́ bí ìgbín. Mo lọ sí Settings, System, Display, Graphics, mo fi Minecraft Launcher kún un, mo sì yan High performance, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí mo tẹ F3 nínú géèmù náà, Intel(R) UHD Graphics 630 ni mo kà lápá ọ̀tún, fps kò sì kọjá 22.

Ìyá Ìbejì
Tèmi yanjú nígbà tí mo yan High performance ní Power Options. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, yóò tán.

Alátùn-únṣe
Ẹ ṣeun, ìyá wa, ó lè mú kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà sáré sí i, ṣùgbọ́n kì í yan ṣíìpù àwòrán. Ọ̀gbẹ́ni, Launcher tí ẹ fi kún un kọ́ ló ń ya àwòrán géèmù yẹn, javaw.exe ni, ó sì lè ju ẹyọ kan lọ lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ jẹ́ kí géèmù máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ wá javaw.exe ní abala Details nínú Task Manager, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Open file location. Fáìlì tí ẹ bá rí níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi kún Graphics, kí ẹ sì pa géèmù náà kí ẹ tó tún un ṣí.

Bàbá Adé
Ọ̀rọ̀ iná ni tèmi. Géèmù bọ́ọ̀lù mi máa ń wà ní 60 fps bí mo bá fi ṣájà sí i, àmọ́ gbàrà tí iná bá lọ, yóò já sí 30, kò ní kúrò níbẹ̀.

Alátùn-únṣe
Bí ó bá dúró gbọnin lórí 30 lórí ṣíìpù NVIDIA, Battery Boost, ètò NVIDIA tó máa ń dín fps kù nígbà tí ẹ̀rọ bá ń lo bátìrì, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ lè pa á, ṣùgbọ́n bátìrì kì í lè fún ṣíìpù ńlá ní agbára tó ṣájà, nítorí náà n kò lè ṣe ìlérí 60 fún yín, bátìrì yóò sì yára tán.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n. F3 wá kọ NVIDIA GeForce GTX 1650, fps sì gòkè sí bíi 90. Ọmọ náà pariwo ayọ̀. Síbẹ̀ GPU 0, ìyẹn Intel, ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú Task Manager.

Alátùn-únṣe
Kò burú. Lórí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣíìpù kékeré ni ojú ẹ̀rọ so mọ́, nítorí náà àwòrán tí ṣíìpù ńlá bá yà gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ jọ̀ọ́, mo tún padà wá. Ọmọ náà yan ẹ̀dà géèmù mìíràn lánàá, Intel sì tún yọjú ní F3. Javaw.exe tí mo fi kún Graphics ṣì wà níbẹ̀.

Alátùn-únṣe
Ẹ tún ṣe Open file location. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà yẹn máa lo Java tó wà nínú fódà mìíràn.