Ìnípọn kọ́, ìwúwo ni: ọ̀rọ̀ lórí bébà káàdì àti pósítà

Akọ́mọlédè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mò ń bá bùrọ̀dá mi tó ń tẹ̀wé kọ ìwé iye owó ní Yorùbá. Mo pe jí-ẹ́ẹ̀sì-ẹ́ẹ̀mù ní "ìnípọn bébà", mo pe fínííṣì ní "ìparí bébà". Ṣé ó dáa? Oníbàárà àkọ́kọ́ fẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì káàdì 100 àti pósítà A3 500.

Atẹ̀wé Ṣómólú: Ẹ yọ ìnípọn yẹn kúrò kó tó dá ìjà sílẹ̀ níwájú káńtà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí bébà, 115, 150, 300, kò sọ bó ṣe nípọn tó rárá, ó ń sọ iye gíráàmù tí bébà náà máa wọ̀n tẹ́ ẹ bá ní èyí tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan. Ìwúwo ni. Ẹ gbé átì káàdì 300 tó ń dán àti 300 tí kò dán lé ọwọ́ méjèèjì, ìwúwo wọn dọ́gba, àmọ́ èyí tó ń dán á fẹ́lẹ́ díẹ̀ torí pé wọ́n ti fi irin lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ níléeṣẹ́ kó lè dán, ó ti sún kira. Oníbàárà tó bá ka "ìnípọn 300" nínú ìwé yín á ní ẹ rẹ́ òun jẹ, ẹ̀yin ò sì rẹ́ ẹ jẹ.

Tíṣà: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ta ló ń wọn bébà nílé? Ìka la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí 300 bá ti ju 250 lọ, ó máa nípọn jù ú lọ náà nìyẹn, kí ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ìnípọn kí gbogbo ayé lè yé ara wọn.

Atẹ̀wé Ṣómólú: Tó bá jẹ́ irú bébà kan náà ni, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹ ya páálí òògùn ẹ wò. Irú páálí yẹn ní 250 lè nípọn ju átì káàdì 300 tó ń dán lọ dáadáa, torí inú rẹ̀ fúyẹ́, wọn ò tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ ní ta ló ń wọn bébà, èmi ń wọ̀n ọ́n o. Bébà A3 mẹ́jọ tẹ́ ẹ bá tò wọ́n pọ̀ á fẹ̀ tó mítà kan sí mítà kan yẹn gẹ́lẹ́, nítorí náà tí mo bá kó mẹ́jọ sórí síkéèlì kékeré tí àwọn oníkéèkì ń lò, nọ́ńbà tí síkéèlì bá kọ náà ni ìwúwo bébà, mi ò ní ṣírò nǹkan kan. A4 ni? Mẹ́rìndínlógún. Lọ́jọ́ kan mo sanwó 150, mo kó mẹ́jọ lé e, ó kọ 128. Mo yí i padà, mo tún un gbé, 128. Ọwọ́ mi ò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn láéláé. Mo dá gbogbo ẹ̀ padà fún ẹni tó tà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ o, torí tí wọ́n bá ti fi náílọ̀nù bò ó, náílọ̀nù á ti kún ìwúwo náà.

Ìyá Oníkéèkì: Ẹ ti dárúkọ mi 😄 Ẹ jọ̀ọ́ èmi ò mọ̀ nípa gíráàmù o, tèmi ni pé wọ́n tẹ káàdì fún mi, ó dán yinrinyinrin níwájú lẹ́yìn, mo fẹ́ kọ déètì tí oníbàárà máa wá gbé kéèkì sẹ́yìn ẹ̀, báírò ń yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá, èyí tó bá tiẹ̀ kọ, wọ́n fọwọ́ pa á, ó pa rẹ́. Ṣé ìnípọn ló fà á ni àbí ìwúwo?

Atẹ̀wé Ṣómólú: Méjèèjì kọ́ mà, náílọ̀nù ni. Ẹ ní kí wọ́n bo iwájú nìkan, kí wọ́n sì lo káàdì tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ẹfun dídán kankan, báírò á mú un. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bo ojú kan ṣoṣo lásìkò òjò, ojú kejì á máa mu omi inú afẹ́fẹ́, á gùn díẹ̀, náílọ̀nù ò ní gùn, káàdì á wá ká síwájú, sí ojú tí náílọ̀nù wà, bí ewé tó fẹ́ gbẹ. Lórí 350 kì í hàn tó ti orí 250. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sẹ́yìn, kó gba bébà tó le.

Ẹ wò ó, ohun tí Ìyá sọ yìí ló jẹ́ kí n sọ pé "ìparí" ò ṣeé lò. Ohun méjì làwọn èèyàn ń pè ní fínííṣì. Ọ̀kan ni ojú tí bébà ti gbé wá láti iléeṣẹ́, ìkejì ni náílọ̀nù tí a bò ó lẹ́yìn tá a tẹ̀ ẹ́ tán. Oníbàárà á ní "gílọ́ọ̀sì ni mo fẹ́", mi ò mọ èwo nínú méjèèjì. Èmi dábàá "ojú bébà" fún ti àkọ́kọ́ àti "ìbòjú" fún ìkejì.

Tíṣà: Ìbòjú! Ti ìyàwó ni àbí ti kòrónà? Ó dáa, mo gba "ojú bébà". Ojú dídán fún gílọ́ọ̀sì. Mátì wá ńkọ́? "Aláìdán" dà bí èébú.

Akọ́mọlédè: "Ojú jẹ́ẹ́" ńkọ́?

Ìyá Oníkéèkì: Mo fẹ́ràn ojú jẹ́ẹ́.

Atẹ̀wé Ṣómólú: Kò burú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á ṣì máa pè é ní mátì. Fún pósítà tẹ́ ẹ máa lẹ̀ sábẹ́ iná, òun ni kẹ́ ẹ gbà, torí tó bá ń dán, gílóòbù lẹ máa rí lójú ẹ̀, ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ara ògiri ìta ni, ẹ má gba 170 pé ó gbayì, ó máa ń le, á fẹ́ na ara ẹ̀ padà, etí rẹ̀ á ṣí. Átì pépà 115 máa ń mu gọ́ọ̀mù, á sì lẹ̀ mọ́ ògiri tó rí págunpàgun.

Ti iye. Ká ní (kì í ṣe iye ọjà o, mo kàn fi ń ṣírò ni) pléètì mẹ́rin àti títò ẹ̀rọ jẹ́ ₦60,000, kí bébà àti ìtẹ̀ pósítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦120. Dí-áì, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà, ò ní pléètì, ká ní ₦500 ni ọ̀kan. Pósítà 100, ẹ̀rọ pléètì á gba ₦72,000, dí-áì ₦50,000. Tó bá di 500, pléètì ₦120,000, dí-áì ₦250,000. Ní nǹkan bí 158 ni wọ́n ti pàdé. Pósítà 500 yín, pléètì ni. Káàdì 100, ẹ gbé e fún dí-áì, káàdì mọ́kànlélógún ló ń jáde lára bébà ńlá kan, bébà márùn-ún ti tó.

Ìyá Oníkéèkì: Wọ́n ní tí mo bá ṣe 1,000 á dínwó, mo ṣe é, mo sì yí nọ́ńbà fóònù mi padà kí n tó pín 200.

Akọ́mọlédè: Tí wọ́n bá kó káàdì àwọn èèyàn mélòó kan pọ̀ sórí pléètì kan ṣoṣo kó lè dínwó ńkọ́? Mo fẹ́ pè é ní "àjọtẹ̀".

Tíṣà: Ó ń dún bí àjọdìtẹ̀ létí mi.

Atẹ̀wé Ṣómólú: Nígbà míì ọ̀tẹ̀ náà ni o. Tí pupa tìẹ bá ṣú jù, wọn ò lè dín in kù láìbà tẹni tó wà nílà kan náà pẹ̀lú ẹ jẹ́. Ẹ kọ àjọtẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀.

Tíṣà: Mo ti gba ìwúwo. Ìbòjú ni mi ò tíì gbà.