Ewú ẹ̀bátí nínú fọ́tò iṣẹ́: báwo ni mo ṣe lè dín in kù láì pa dídán irun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayafọ́tò ẹgbẹ́ mi. Wúsè, l'Ábùjá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ lo fọ́tò rẹ̀ fún ipò tuntun. Ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn, ewú sì hàn gan-an ní ẹ̀bátí méjèèjì. Ó ní kí n dín in kù, kí n má pa á rẹ́ tán, ohun tó sọ yẹn sì bọ́gbọ́n mu lójú mi.

Nínú Photoshop, tí mo bá fi Curves nìkan fa ewú náà wálẹ̀, ṣe ló ń dà bí eérú, torí kò ní àwọ̀ kankan nínú. Nítorí náà, mo mú àwọ̀ dúdú-pupa lára irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tínrín tẹ̀lé fọ́nrán kọ̀ọ̀kan lórí léyà Multiply, mo sì fi Blend If dáàbò bo ibi tó ti dúdú tẹ́lẹ̀. Èyí dáa jù.

Ibi tó ti dí mi lọ́wọ́ nìyí: dídán tí iná fi sórí irun mọ́lẹ̀ tó ewú, Blend If ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí dídán yẹn bá ti lọ, orí á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun dáì. Ṣé kí n fi másíkì yọ ọ̀nà dídán náà sílẹ̀ ni, àbí kí n tún un kùn sórí léyà mìíràn? Fọ́nrán mélòó lẹ sì máa ń fi sílẹ̀ nítòsí iwájú orí?